Owó tí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò fẹ́ san kò bá ìṣirò mi mu

Ìbéèrè: «Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Aṣọ ni mò ń tà ní Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Iná jó ìsọ̀ mi ní oṣù Kẹwàá. Ajọ́sítà tí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò rán wá díwọ̀n àdánù gbà pé ọjà ₦4,800,000 ló bàjẹ́, ó sì kọ ọ́ pé gbogbo ọjà inú ìsọ̀ lọ́jọ́ iná jẹ́ ₦16,000,000. Nínú sẹ́dúlù mi, ìyẹn ojú ìwé tí wọ́n kọ iye àti ìdá àdéhùn mi sí, ìdá 80 nínú 100 ni ilé-iṣẹ́ yóò san lórí àdánù. Wọ́n tún kọ ọ́ pé ẹkisẹ́ẹ̀sì, ìyẹn apá tí èmi fúnra mi yóò gbé, jẹ́ ìdá 10 nínú 100 iye tó bá yẹ ní sísan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lo gbogbo àdéhùn yòókù, kò sì ní dín ní ₦150,000. ₦10,000,000 ni mo fi ṣe inṣọ́ránsì ọjà náà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní, mo sì san ₦30,000. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ mo fi ₦2,000,000 kún un, wọ́n sì gba ₦6,000 lọ́wọ́ mi. Ìṣirò tèmi fún owó tó yẹ kí wọ́n san ni ₦3,456,000, àmọ́ lẹ́tà wọn sọ pé ₦2,400,000 ni, lẹ́yìn tí àwọn yọ ₦480,000 fún ẹkisẹ́ẹ̀sì. Ṣé wọn kò rẹ́ mi jẹ báyìí? Ṣé kí n fọwọ́ sí fáúṣà ìgbowó wọn?» — Ìyá aláṣọ, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá wa, ẹ kú ewu iná o, ẹ sì kú àdánù. Ọlọ́run yóò fi ọ̀pọ̀ rọ́pò rẹ̀. Kí n kọ́kọ́ dáhùn ohun tí ẹ béèrè gan-an: ẹ má tíì fọwọ́ sí fáúṣà náà. Àṣìṣe kan wà nínú ìṣirò wọn tó hàn gbangba láti inú ọ̀rọ̀ sẹ́dúlù tí ẹ kọ ránṣẹ́, ₦192,000 ló sì gé kúrò nínú owó yín. Àṣìṣe kejì lè wà nínú ₦16,000,000 tí ajọ́sítà kọ, èyí sì lè ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ìjábọ̀ rẹ̀ nìkan ló lè fi hàn bóyá ó wà tàbí kò sí. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún yín láìfi bò pé ₦3,456,000 tí ẹ̀yin ṣírò kò tọ̀nà pẹ̀lú, nítorí pé ìgbésẹ̀ kan wà tí ẹ fò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú bí a ti ń lọ ni ìbéèrè kan ṣoṣo, tí ó yẹ kí ẹ máa bi gbogbo ìdá tí ẹ bá rí nínú sẹ́dúlù yín: ìdá iye wo ni? Ẹnikẹ́ni lè sọ pé ìdá 10 nínú 100 ni ẹkisẹ́ẹ̀sì, kí ó sì jẹ́ òtítọ́ ni ó sọ, síbẹ̀ kí owó tó yọ fi ọ̀nà tó jìn yàtọ̀ sí èyí tó yẹ, nítorí pé iye tó ṣe ìdá náà lé lórí kì í ṣe iye tí àdéhùn dárúkọ. Ní gbogbo ọdún tí mo fi jókòó nídìí ìwé ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà, ibí yìí ni mo ti rí i tí owó ń sọnù jù, lọ́pọ̀ ìgbà láìsí pé ẹnikẹ́ni ní èrò ibi lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí a ti ibi owó tí ẹ san bẹ̀rẹ̀, nítorí pé orí rẹ̀ ni iye ìbánigbófò yín dúró lé. Nínú sẹ́dúlù, iye tí a fi ṣe ìbánigbófò wà ní ìlà kan, ìdá owó ọdún wà ní ìlà mìíràn, prímíọ̀mù, ìyẹn owó tí ẹ ń san fún ìbánigbófò, sì wà lábẹ́ wọn. Tí ẹ bá fi ₦30,000 tí ẹ san pín sórí ₦10,000,000, ìdá 0.3 nínú 100 ni ẹ ó rí. Ẹ yẹ ìwé yín wò bóyá 0.3 nínú 100 náà ló wà níbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí 3 nínú 1,000, ọ̀kan náà sì ni méjèèjì. Tó bá jẹ́ 0.25 nínú 100 ló wà níbẹ̀, ₦25,000 ló yẹ kí ẹ san, ẹ ó sì béèrè ohun tí ₦5,000 tó kù wà fún.

Apá yẹn tọ̀nà, tí ìdá inú ìwé yín bá jẹ́ 0.3. Àfikún ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ni kò tọ̀nà. Ìdá 0.3 nínú 100 ti ₦2,000,000 jẹ́ ₦6,000 lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó odidi ọdún kan nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé ìwé yín tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní yóò parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ẹ ka ọjọ́ náà: láti ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ jẹ́ ọjọ́ 24, oṣù Kẹsàn-án jẹ́ 30, Kẹwàá 31, Kọkànlá 30, Kejìlá 31, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ 146. Tí a bá fi 146 pín sórí 365, 0.4 géérégé ni. Nítorí náà ₦2,400 ni owó àfikún tó yẹ, ₦3,600 sì ni wọ́n gbà lé e. Ohun kan ṣoṣo tó lè gbà wọ́n sílẹ̀ ni kí ó ti wà ní kíkọ nínú ìwé àdéhùn pé iye kan wà tí owó àfikún kò gbọdọ̀ dín sí. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè fún owó yín padà.

Owó kékeré ni ₦3,600, mo mọ̀. Ìdí tí mo fi dúró níbẹ̀ ni pé ìwé àfikún yẹn gan-an ni ó sọ iye ìbánigbófò yín di ₦12,000,000, kò sì sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí kò ní ti jẹ yọ. Òfin ìbánigbófò orílẹ̀-èdè yìí sọ ọ́ pé ẹni tí kò bá tíì san prímíọ̀mù kò tíì ní ààbò kankan. Nítorí náà, ọjọ́ tó wà lórí rìsíìtì ₦6,000 yẹn ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ọjọ́ iná. Ẹ wá rìsíìtì náà rí, kí ẹ sì so ó mọ́ ìwé àfikún. Tí ẹnì kan bá ṣírò ẹ̀tọ́ yín lórí ₦10,000,000 bí ẹni pé àfikún kò sí, owó tí yóò kàn yín yóò fi ₦432,000 dín sí èyí tó yẹ, ẹ ó sì rí i láìpẹ́ bí mo ṣe rí iye yẹn.

Ó wá kan ìgbésẹ̀ tí ẹ fò. Nínú ìwé ìbánigbófò iná fún ọjà, àdéhùn kan wà tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní áfárééjì. Nínú ìwé àdéhùn tó nípọn ló sábà máa ń wà, kì í sí nínú sẹ́dúlù, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi í rí i títí ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ohun tó sọ ni pé bí ọjà tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ àdánù bá níye lórí ju iye tí ẹ fi ṣe ìbánigbófò lọ, ẹ ó ka ara yín sí abánigbófò fún ìyókù, ẹ ó sì gbé ìpín yín nínú àdánù kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe kékeré. Àdánù kò ní láti tó ₦12,000,000 kí áfárééjì tó ṣiṣẹ́. Bí aṣọ kan péré bá jóná, yóò ṣiṣẹ́.

Ìrònú tó wà nídìí rẹ̀ rọrùn láti gbà nígbà tí ènìyàn bá ṣe sùúrù sí i. Prímíọ̀mù tí ẹ san wà fún ọjà ₦12,000,000. Bí ọjà tó wà nínú ìsọ̀ bá jẹ́ ₦16,000,000 lóòótọ́, a jẹ́ pé mẹ́ta nínú ọ̀nà mẹ́rin ọjà náà nìkan ni ẹ san owó lé lórí, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé aṣọ tó jóná yẹn bọ́ sí apá tí ẹ san owó fún tàbí sí apá tí ẹ kò san fún. Nítorí náà wọ́n ń pín in: 12 lórí 16 jẹ́ 0.75, ₦4,800,000 sì di ₦3,600,000. Ẹ̀yin ni ẹ ó gbé ₦1,200,000 tó kù. Ìgbésẹ̀ yìí ni kò sí nínú ìṣirò yín. Ẹ mú ìdá 80 nínú ₦4,800,000, ó jẹ́ ₦3,840,000, ẹ yọ ìdá 10 kúrò nínú rẹ̀, ó ku ₦3,456,000. Gbogbo rẹ̀ ni ẹ ṣe dáadáa, àfi èyí. Láti ìgbà tí ọjà ti ń gbówó lórí lọ́dọọdún ni áfárééjì ti di ohun tó ń mú ọ̀pọ̀ oníṣòwò láìròtẹ́lẹ̀, nítorí pé iye àwọn aṣọ kan náà ń lọ sókè lórí pẹpẹ nígbà tí iye inú sẹ́dúlù dúró sójú kan.

Lẹ́yìn áfárééjì ni ìdá 80. Níbí ni kí ẹ ti ṣọ́ra, nítorí pé ìdá 80 méjì ni ó wà nínú iṣẹ́ yìí, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Èyí tó wà nínú ìwé tiyín jẹ́ ìpín: ohunkóhun tó bá yẹ ní sísan, ilé-iṣẹ́ yóò gbé ìdá 80, ẹ̀yin yóò gbé ìdá 20. Òmíràn wà tó sọ pé áfárééjì kò ní ṣiṣẹ́ rárá níwọ̀n ìgbà tí iye ìbánigbófò bá ti tó ìdá 80 nínú 100 iye ọjà lọ́jọ́ àdánù. Ti àkọ́kọ́ ń dín owó kù, èkejì ń dáàbò bo oníbàárà. Níwọ̀n bí ẹ ti kọ ọ́ pé ìdá 80 ni ilé-iṣẹ́ yóò san lórí àdánù, ti àkọ́kọ́ ni tiyín, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ tún ìlà náà kà ní ẹ̀ẹ̀kan sí i, kí ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ sísan ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bí iye ìbánigbófò ṣe gbọ́dọ̀ tó. Pẹ̀lú ìtumọ̀ ti àkọ́kọ́, ìdá 80 nínú ₦3,600,000 jẹ́ ₦2,880,000.

Títí dé ibí yìí, èmi àti ilé-iṣẹ́ yín kò ní ìjà, nítorí pé ₦2,400,000 tí wọ́n fẹ́ san àti ₦480,000 tí wọ́n yọ, tí a bá ro wọ́n pọ̀, ₦2,880,000 náà ni. Bí mo ṣe mọ̀ pé ọ̀nà kan náà ni a jọ gbà wá síbí nìyẹn. Orí ẹkisẹ́ẹ̀sì ni ọ̀nà ti yà.

Ẹkisẹ́ẹ̀sì ni apá àkọ́kọ́ nínú àdánù kọ̀ọ̀kan tí oníbàárà yóò gbé fúnra rẹ̀. Ìwé yín kò kan sọ pé ìdá 10 lásán. Ó sọ iye tí ìdá náà jókòó lé: iye tó yẹ ní sísan lẹ́yìn tí a bá ti lo gbogbo àdéhùn yòókù. Áfárééjì jẹ́ ọ̀kan nínú àdéhùn yòókù. Ìpín ìdá 80 náà jẹ́ ọ̀kan. Iye tó kù lẹ́yìn méjèèjì ni ₦2,880,000, ìdá 10 rẹ̀ sì jẹ́ ₦288,000. Ó ju ₦150,000 lọ, nítorí náà ìdá ni a ó lò, kì í ṣe iye tó kéré jù. Owó tó yẹ kí wọ́n san, bí ₦16,000,000 bá tọ̀nà, ni ₦2,592,000.

Níbo ni ₦480,000 ti wá? Ìdá 10 nínú ₦4,800,000 ni. Ẹni tó ṣírò rẹ̀ padà lọ sí àdánù gbogbogbòò, ó mú ìdá 10 níbẹ̀, ó sì wá yọ ọ́ nínú iye tí áfárééjì àti ìpín ti gé sílẹ̀. Ìyẹn ni pé ó gba ẹkisẹ́ẹ̀sì lórí apá àdánù tí ẹ̀yin fúnra yín ti gbé tán. Ẹ lè rí i láìmọ ohunkóhun nípa bí wọ́n ṣe ṣe é: ẹ mú iye tí wọ́n yọ, ẹ pín in sórí iye tó wà níwájú rẹ̀. ₦480,000 lórí ₦2,880,000 jẹ́ bí ìdá 16.7 nínú 100. Sẹ́dúlù sọ pé 10. Ìgbàkúùgbà tí ìpín yìí kò bá ti bá ohun tó wà nínú ìwé mu, iye tí ìdá náà jókòó lé ti yí padà lójú ọ̀nà, àfi bó bá jẹ́ pé iye tó kéré jù, ìyẹn ₦150,000 tiyín, ni wọ́n lò.

Ẹ lè fi ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù yín dán ọ̀nà méjèèjì wò. Èyí àkọ́kọ́ ni ti ìwé àdéhùn, èyí kejì sì ni ti lẹ́tà wọn:

```
4800000 × 0.75 × 0.8 × 0.9 = 2592000
4800000 × 0.75 × 0.8 − 480000 = 2400000
```

Nínú ìlà àkọ́kọ́, ẹ ó rí i pé ìsọdipúpọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ lè fi 0.9 ṣáájú 0.75, ẹ lè fi 0.8 ṣáájú gbogbo wọn, ibì kan náà ni ẹ ó já sí. Àríyànjiyàn lórí èwo ni kí a kọ́kọ́ ṣe kò wúlò níbí, níwọ̀n ìgbà tí ìdá kọ̀ọ̀kan bá jókòó lé ohun tó kù lẹ́yìn èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ibi tí ètò ìgbésẹ̀ ti ń yí owó padà ni ibi tí ẹkisẹ́ẹ̀sì bá jẹ́ iye owó pàtó, irú bí ₦150,000 tiyín yẹn nígbà tí àdánù bá kéré. Ká ní aṣọ ₦300,000 péré ló jóná: áfárééjì yóò sọ ọ́ di ₦225,000, ìpín yóò sọ ọ́ di ₦180,000, ìdá 10 rẹ̀ yóò jẹ́ ₦18,000, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dín ní ₦150,000, nítorí náà ₦30,000 ló máa kù fún yín. Ẹni tó bá yọ ₦150,000 kúrò nínú ₦300,000 kí ó tó ṣe ìyókù yóò rí ₦90,000. Ìyàtọ̀ náà tóbi, ọ̀rọ̀ «lẹ́yìn gbogbo àdéhùn yòókù» tó wà nínú ìwé yín ló sì sọ pé ₦30,000 ni. Ọ̀rọ̀ kan náà tó ń gbè yín lónìí ni yóò gbè wọ́n lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ lè fi ìlà àkọ́kọ́ yẹn rí ₦432,000 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: ẹ fi 10 lórí 16, ìyẹn 0.625, rọ́pò 0.75, ₦2,160,000 ni ẹ ó rí.

Mo wá dé orí ohun tó kàn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yín, ìyẹn ₦16,000,000. Nọ́ńbà yìí ni ìdí tí áfárééjì fi wà níbẹ̀ rárá, ẹ kò sì sọ bí ajọ́sítà ṣe rí i. Áfárééjì náà ìdá ni ó ń ṣe, ó fi iye kan pín sórí iye kan, àwọn iye méjèèjì sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà. Ìbánigbófò ọjà kì í san èrè. Iye tí oníṣòwò yóò fi rà á padà ni ó ń san, ìyẹn owó tí ẹ ó san ní Gbági ní Ìbàdàn ní àkókò tí iná ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tó gbé e wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó dá mi lójú pé lórí irú iye yìí ni ₦4,800,000 wà, nítorí pé àwọn ajọ́sítà máa ń ṣọ́ra gidigidi kí wọ́n má baà san èrè. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ka ọjà tí kò jóná láti fi mọ àpapọ̀, ó rọrùn kí wọ́n mú iye tó wà lára aṣọ lórí pẹpẹ, ìyẹn iye tí ẹ ń tà á. Bí bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, wọ́n ti fi iye tí ẹ ń tà á díwọ̀n ohun tí ẹ kò ṣe ìbánigbófò rẹ̀, wọ́n sì fi iye tí ẹ rà á díwọ̀n ohun tí wọn yóò san.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí lè jẹ́ ní owó. Ká ní ìdá 25 nínú 100 ni ẹ máa ń fi lé iye tí ẹ rà á. Ọjà tó jẹ́ ₦16,000,000 ní iye títà jẹ́ ₦12,800,000 ní iye rírà. Áfárééjì á wá jẹ́ 12 lórí 12.8, ìyẹn 0.9375. ₦4,800,000 á di ₦4,500,000. Ìdá 80 rẹ̀ jẹ́ ₦3,600,000. Tí a bá yọ ìdá 10, ₦3,240,000 ló kù. Ìyàtọ̀ láàárín èyí àti ₦2,592,000 jẹ́ ₦648,000. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ọ̀ràn tiyín. Mo ń fi hàn yín bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lè tóbi tó ni, kí ẹ lè mọ̀ pé kò yẹ kí ẹ fi ìbéèrè náà sílẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ ó fi mọ̀ kò le. Ẹ béèrè fún ẹ̀dà ìjábọ̀ ajọ́sítà pẹ̀lú àwọn ojú ìwé tó fi ka ọjà. Ojú ìwé méjì ló ṣe pàtàkì: àkójọ ohun tó jóná àti àkójọ ohun tó kù. Ẹ mú oríṣi aṣọ kan ṣoṣo tó wà nínú méjèèjì, bí àpẹẹrẹ ìdì ànkárá kan tí ẹ rà ní ₦60,000 pẹ̀lú owó ọkọ̀. Bí wọ́n bá kọ ₦60,000 sí i nínú ohun tó jóná, kí wọ́n sì kọ ₦75,000 sí irú rẹ̀ nínú ohun tó kù, ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá. Ẹ yẹ oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin wò bẹ́ẹ̀, kí ó má baà jẹ́ àṣìkọ ìlà kan péré, kí ẹ sì mú ìwé owó ọjà tí ẹ gbà ní Gbági sún mọ́ ọn. Bí iye kan náà bá wà ní ojú ìwé méjèèjì, ₦16,000,000 dúró, ẹ ó sì gbà á.

Nígbà tí ìjábọ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ tún wo bóyá ohun tí kò yẹ kí ó sí nínú àkójọ náà wọ ibẹ̀. Aṣọ tí oníbàárà ti san owó rẹ̀ tán tó kàn fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín kì í ṣe ọjà yín mọ́. Ọjà tó wà ní yàrá ìkẹ́rùsí mìíràn, tí àdírẹ́sì rẹ̀ kò sí nínú sẹ́dúlù, kò gbọdọ̀ wọ inú ìṣirò. Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀, pẹpẹ àti gíláàsì ìpàtẹ pẹ̀lú kì í ṣe ọjà. Bí wọ́n bá rò wọ́n mọ́ ₦16,000,000, kí wọ́n yọ wọ́n. Gbogbo ohun tí ẹ bá yọ ní ìsàlẹ̀ ìpín yẹn ni yóò gbé áfárééjì sókè. Àmọ́ òdodo náà ni kí ẹ máa wò: aṣọ tí ẹ rà ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ní ₦45,000, tó ti di ₦60,000 ní Gbági lọ́jọ́ iná, ₦60,000 ni iye rẹ̀ nínú méjèèjì. Ẹ kò lè béèrè ₦60,000 fún èyí tó jóná kí ẹ sì fẹ́ kí wọ́n ka ₦45,000 fún èyí tó kù.

Ní ti ìgbésẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí bírókà tàbí aṣojú tó ta ìwé náà fún yín, kí ẹ sì gba ìfọwọ́sí pé wọ́n rí i gbà. Ẹ má kọ ẹ̀sùn jìbìtì síbẹ̀. Ẹ da ọ̀rọ̀ ìlà ẹkisẹ́ẹ̀sì kọ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú sẹ́dúlù, ẹ fi ìlà ìṣirò àkọ́kọ́ yẹn sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ béèrè pé kí wọ́n fi tiwọn hàn ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà àdéhùn tí wọ́n tẹ̀ lé. Ẹ béèrè fún ìjábọ̀ ajọ́sítà nínú lẹ́tà kan náà, ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ₦3,600 sí ìparí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀, kí ó má baà da èyí tó tóbi rú. Ọ̀pọ̀ irú ọ̀ràn báyìí ló ń parí sí orí lẹ́tà àkọ́kọ́, nítorí pé ẹni tó bá jókòó ka ìlà náà yóò rí i pé ₦480,000 kò ṣe é gbèjà.

Ibì kan wà tí wọ́n ti lè dá yín lóhùn, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n ṣáájú. Bí ìwé àfikún kan bá wà lẹ́yìn sẹ́dúlù tó sọ pé ìdá 10 nínú 100 àdánù gbogbogbòò ni ẹkisẹ́ẹ̀sì, tí ẹ sì ti gbà á, èyí tó pẹ́ jù ni yóò borí, ₦480,000 yóò sì dúró. Nítorí náà ẹ tú gbogbo ìwé tó wà nínú fáìlì yín wò kí lẹ́tà tó jáde.

Fáúṣà tí wọ́n fi ránṣẹ́ kì í ṣe rìsíìtì lásán. Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ ni pé ẹ gba owó náà ní àgbàtán, ẹ kò sì ní ẹ̀sùn kankan mọ́ lórí àdánù yìí. Ẹni tó bá ti fọwọ́ sí i máa ń ṣòro fún láti padà sí ọ̀rọ̀ náà. Bí owó bá ń fẹ́ yín kíákíá láti tún ìsọ̀ ṣe, ẹ lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n san ₦2,400,000 tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí apá kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú fáúṣà gbangba pé apá kan ni, ìyókù ṣì wà lórí tábìlì. Wọ́n lè gbà, wọ́n lè kọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ láti dá lẹ́tà yín lóhùn, tàbí tí wọ́n dáhùn láìfi ìṣirò hàn, NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò, ní ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn àwọn oníbàárà. Ìwé tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sí wọn ni sẹ́dúlù, ìwé àfikún oṣù Kẹjọ pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀, lẹ́tà ₦2,400,000, lẹ́tà tiyín, àti àwọn ojú ìwé ajọ́sítà tí ẹ ti fi àmì sí.